Kíkó Àkójọ 640 GB Sórí Dísíìkì 500 GB: Ohun Tí Mo Fún Pọ̀ Láìpàdánù àti Ohun Tí Mo Mọ̀ọ́mọ̀ Gé Kúrò

Iṣẹ́ tí mo ń kọ àkọsílẹ̀ rẹ̀ yìí ni bí mo ṣe kó àkójọ orin àti fọ́tò ìdílé wa, tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 640 GB, sórí háàdì dísíìkì 500 GB kan, pẹ̀lú ẹ̀dà kan náà lórí dísíìkì kejì tí a ń tọ́jú sí ilé mìíràn. Mo fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ má ju 400 GB lọ, nítorí pé fọ́tò tuntun kò yé wọlé, dísíìkì tó bá sì ti kún dẹ́nu kì í fún ènìyàn láyè láti tún nǹkan tò mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi ṣe ìṣirò náà yóò rántí pé 500 GB tí wọ́n kọ sára páálí jẹ́ báìtì bílíọ̀nù 500, àmọ́ kọ̀ǹpútà tó ń fi 1,024 ka nǹkan yóò kọ 465 sójú ìwé fún dísíìkì kan náà. Ìṣirò ti páálí ni mo lò láti òkè délẹ̀.

Kí n tó fọwọ́ kan fáìlì kankan, mo pín gbogbo wọn sí ìsọ̀rí gẹ́gẹ́ bí ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà tó parí orúkọ rẹ̀. Síídì tí a ti kọ sórí kọ̀ǹpútà ní WAV gba 87 GB. Kásẹ́ẹ̀tì ọgọ́ta, tí a gbà sílẹ̀ ní WAV ní bíìtì 24 àti kílóhẹ́ẹ̀tì 96, gba 124 GB. Fọ́tò orí bébà tí a fi sikánà yà, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin fáìlì TIFF, ló gba èyí tó pọ̀ jù, 207 GB. Àwòrán JPEG tó ti inú kámẹ́rà àti fóònù wá jẹ́ 160 GB. Àwọn MP3 àtijọ́ jẹ́ 30 GB, àwọn FLAC tí oríṣiríṣi ènìyàn ti fún wa láti ọdún pípẹ́ sì jẹ́ 32 GB.

Nígbà tí àbúrò mi rí iye yìí, ó bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí a má kàn sọ gbogbo orin di MP3, kí a sì fún gbogbo fọ́tò pọ̀ sí JPEG kékeré ni?" Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, àkójọ náà kò ní dé 200 GB, iṣẹ́ náà kò sì ní pẹ́ parí. Ohun tí mo sọ fún un ni pé àìtó àyè jẹ́ ìṣòro tó máa tán lọ́jọ́ tí a bá ra dísíìkì tó tóbi ju èyí lọ, ṣùgbọ́n ohun tí ìfúnpọ̀ alápàdánù bá yọ kúrò nínú fáìlì kò ní padà sínú rẹ̀ títí ayé. Nítorí náà, a kọ́kọ́ ní láti mọ iye tí ìfúnpọ̀ aláìpàdánù lè gbà fún wa, ìyẹn irú èyí tí a bá tú fáìlì padà tí gbogbo bíìtì tó wọlé á jáde bó ṣe wọlé, kí a tó máa wá ohun tí a ó jù nù.

Síídì: iṣẹ́ tí kò ní àríyànjiyàn

Ìró inú síídì jẹ́ ìwọ̀n 44,100 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, bíìtì 16 fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan, ní ọ̀nà méjì, òsì àti ọ̀tún. Èyí jẹ́ bíìtì 1,411,200 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan, tàbí 635 MB fún wákàtí kan. FLAC kì í gé nínú rẹ̀. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń fi ìwọ̀n tó ti kọjá sọ àsọtẹ́lẹ̀ èyí tó kàn, ó sì ń kọ kìkì ìyàtọ̀ tó wà láàrin àsọtẹ́lẹ̀ náà àti ohun tó wà níbẹ̀ gan-an sílẹ̀. Bí àsọtẹ́lẹ̀ bá ṣe péye tó ni ìyàtọ̀ náà yóò ṣe kéré tó, àyè tí ó gbà yóò sì kéré bákan náà.

```
for f in *.wav; do flac -8 -V "$f"; done
flac -t -s *.flac
```

Nọ́ńbà 8 yẹn kò ní í ṣe pẹ̀lú dídára ìró. Láti 0 dé 8, ìró kan náà ni yóò jáde, àkókò tí ẹ̀rọ fi ń wá àsọtẹ́lẹ̀ tó péye jù ló yàtọ̀. `-V` ń mú kí ètò náà tú ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fún pọ̀ kí ó sì fi wé ojúlówó lójú ẹsẹ̀, `flac -t` sì ń tú fáìlì tó ti wà nílẹ̀ láti fi wé nọ́ńbà ìdánimọ̀ MD5 tí FLAC kọ sí orí fáìlì náà nígbà tó ń ṣe é. MD5 yìí jẹ́ ti ìró nìkan, kì í ṣe ti fáìlì lódindi, ìdí nìyẹn tí a fi lè tún orúkọ orin tàbí ti olórin kọ sínú fáìlì láìba àyẹ̀wò náà jẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó yẹ kí a kíyè sí ni pé bí ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ bá ti kọ àfikún ọ̀rọ̀ sínú WAV, bí ọjọ́ àti wákàtí, FLAC kì í gbé e wọlé àyàfi tí a bá fi `--keep-foreign-metadata` sí àṣẹ náà.

87 GB di 52 GB. Àwo tó jẹ́ gìtá kan ṣoṣo sún kì sí bí ìdá méjì nínú márùn-ún, àwo tí wọ́n ti gbé ohùn rẹ̀ sókè tipátipá kò sì kúrò ní ìdá méje nínú mẹ́wàá. Mo pa WAV rẹ́ lẹ́yìn tí àyẹ̀wò ti jáde láìsí àṣìṣe.

Kásẹ́ẹ̀tì: ibi tí àyè ti ń lọ sí ariwo

Mo fi àṣẹ kan náà fún kásẹ́ẹ̀tì pọ̀, mo sì retí pé wọn yóò sún kì ju síídì lọ, nítorí pé ohùn ènìyàn àti ìlù tó rọra ń dún ló pọ̀ jù nínú wọn. 124 GB kò ju 76 GB lọ. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Bíìtì kọ̀ọ̀kan dúró fún bíi désíbẹ́ẹ̀lì 6. Kásẹ́ẹ̀tì tí a kò fi ẹ̀rọ adínariwo gbà kì í sábà ní ju désíbẹ́ẹ̀lì 50 sí 60 lọ láàrin ìró rẹ̀ tó ga jù àti ariwo tó ń dún "ṣìì" lábẹ́ rẹ̀. Ìyẹn túmọ̀ sí pé bíìtì mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá ti tó láti gbé gbogbo orin náà, bíìtì tó kù nínú 24 sì ń fi ìṣọ́ra ńlá kọ ariwo téèpù sílẹ̀. Ariwo kò ní àsọtẹ́lẹ̀. Kò sí ìfúnpọ̀ aláìpàdánù kankan, ìbáà jẹ́ FLAC tàbí òmíràn, tó lè sọ ohun tí kò ní àpẹẹrẹ di kékeré.

Níbí yìí ni mo ti rí i pé ìbéèrè tó yẹ kí n bi ara mi kì í ṣe irú fáìlì wo ni mo fẹ́ lò. Ìbéèrè náà ni pé kí ló wà nínú ìgbàsílẹ̀ yìí tí ó wá láti orí téèpù, kí sì ni ẹ̀rọ tiwa ló dá a sílẹ̀? Bíìtì 16 ní àyè désíbẹ́ẹ̀lì 96, èyí tó fi àyè púpọ̀ sílẹ̀ lábẹ́ ariwo kásẹ́ẹ̀tì èyíkéyìí. Kílóhẹ́ẹ̀tì 48 sì lè gbé ìró tó ga dé nǹkan bíi kílóhẹ́ẹ̀tì 24, nígbà tí ẹ̀rọ tí a fi gbọ́ àwọn kásẹ́ẹ̀tì wa kì í mú ohunkóhun tó ní láárí jáde lókè 15. Àdínkù láti 24/96 sí 16/48 jẹ́ ìpàdánù, n kò ní fi orúkọ mìíràn pè é. Ṣùgbọ́n ìpàdánù tí mo mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ ni, ó yàtọ̀ sí ti MP3, tó jẹ́ pé ètò náà fúnra rẹ̀ ló ń yan ohun tí yóò yọ láàrin orin.

```
sox -G teepu.wav -b 16 teepu.flac rate -v 48k dither -s
```

Ìlànà `dither` ń pò ariwo kékeré kan mọ́ ìró kí a tó gé bíìtì ìsàlẹ̀ dànù, kí àṣìṣe gígé náà má bàa di ìró họ́ọhọ́ọ tó ń tẹ̀lé orin níbi tí orin bá ti rọlẹ̀. `-G` ń ṣọ́ ọ kí ibi tó ga jù má bàa kọjá òkè nígbà tí a bá ń yí ìwọ̀n padà.

Kásẹ́ẹ̀tì márùn-ún ni n kò dín kù. Téèpù wọn ti bà jẹ́, ohùn ń lọ ó ń bọ̀, wọ́n sì ní ariwo gbàgì-gbàgì tí mo fẹ́ fi ọwọ́ yọ nígbà tí mo bá ní àkókò. Ètò ayọ-ariwo máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà tí ìgbàsílẹ̀ náà bá gbòòrò, nítorí pé gbàgì kan tó kúrú púpọ̀ máa ń hàn ketekete ní 96, yóò sì ti tẹ́ díẹ̀ ní 48. Àwọn márùn-ún yìí dúró sí FLAC 24/96. Pẹ̀lú wọn àti àwọn márùndínlọ́gọ́ta yòókù, gbogbo kásẹ́ẹ̀tì di 28 GB.

Fọ́tò orí bébà

Fọ́tò ínǹṣì 4 sí 6 tí a yà ní ojúàmì 600 fún ínǹṣì kan jẹ́ píksẹ́lì 2,400 sí 3,600. Àwọ̀ mẹ́ta ló wà nínú píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan, bíìtì 16 fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, nítorí náà TIFF tí a kò fún pọ̀ jẹ́ 51.8 MB. Ètò sikánà wa fún wa láyè láti yan LZW, tó jẹ́ ìfúnpọ̀ aláìpàdánù tó wọ́pọ̀ nínú TIFF, mo sì dán an wò lórí fáìlì kan. Fáìlì náà tóbi sí i. Kì í ṣe pé nǹkan bà jẹ́. LZW ń wá ọ̀wọ́ báìtì tó ń tún ara rẹ̀ ṣe, báìtì ìsàlẹ̀ nínú bíìtì 16 láti ara sikánà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ariwo pátápátá, kò sí ohun tó ń tún ara rẹ̀ ṣe níbẹ̀. Nígbà tí mo sọ fáìlì kan náà di PNG ní bíìtì 16, ó sún kì sí nǹkan bíi 40 MB. Bí a bá fi 4,000 sọ ọ́ di púpọ̀, ó jẹ́ 160 GB, àpapọ̀ àkójọ náà yóò sì kọjá 400 GB dáadáa.

Ohun tó kàn ni láti wò ó bóyá a lè sọ̀ kalẹ̀ sí bíìtì 8 fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, tí PNG kọ̀ọ̀kan yóò sì jẹ́ bíi 17 MB. Fún fọ́tò tí àwọ̀ rẹ̀ ṣì dá ṣáká, mo gbà pé kò sí ohun tí ojú yóò fi mọ̀. Àmọ́ fún fọ́tò tó ti ṣá, ìgbà tí a ṣe àdínkù náà ló ṣe pàtàkì, ó sì yẹ kí n ṣàlàyé èyí pẹ̀lú fọ́tò kan pàtó.

Fọ́tò náà jẹ́ ti àwọn ènìyàn mẹ́rin tó jókòó síwájú ilé, ó sì ti di pupa rúsúrúsú. Nígbà tí mo wo ìwọ̀n àwọ̀ búlúù rẹ̀, gbogbo ohun tó wà nínú àwòrán náà, láti òjìji tó dúdú jù dé ara aṣọ funfun, kò kúrò láàrin 140 àti 200 nínú ìpele 0 sí 255. Láti mú àwọ̀ náà padà bọ̀ sípò, a ní láti na àlàfo 60 yìí kí ó lè kún 255, ìyẹn ni pé ìyàtọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò di ìlọ́po mẹ́rin àti díẹ̀. Bí fáìlì náà bá ti wà ní bíìtì 8 kí a tó nà án, ìpele 61 péré ló wà láti fi kún 256. Ojú ọ̀run tó yẹ kí ó máa ṣú díẹ̀díẹ̀ yóò wá di ìlà-ìlà tí ojú lè kà. Bí a bá nà án nígbà tó ṣì wà ní bíìtì 16, àlàfo kan náà ní ìpele tó lé ní 15,000, nígbà tí a bá sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí bíìtì 8 lẹ́yìn náà, gbogbo 256 ló kún.

Mo ṣe ìdánwò kẹta lórí fọ́tò yìí kan náà, nítorí ọ̀rọ̀ àbúrò mi ṣì wà lọ́kàn mi. Mo fi pamọ́ bíi JPEG ní dídára 95 kí n tó nà án. Kí a tó nà án, èmi kò rí ìyàtọ̀ kankan láàrin rẹ̀ àti ojúlówó, bí mo tilẹ̀ fẹ̀ ẹ́ lójú ìwé dáadáa. JPEG ń pín àwòrán sí igun mẹ́rin-mẹ́rin tó jẹ́ píksẹ́lì 8 sí 8, ó sì ń fi ìwọ̀n tó sún mọ́ ti ojúlówó rọ́pò ohun tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí àṣìṣe ìpele 2 kò fi jẹ́ nǹkan kan lójú ẹni. Lẹ́yìn tí mo nà án, àṣìṣe 2 di àṣìṣe 8 sí 9, àwọn igun náà sì yọ jáde lára ògiri àti lójú ọ̀run bí ẹni pé a tẹ́ táìlì sí i. Ìdánwò yìí ló mú kí n má lo ìfúnpọ̀ alápàdánù fún ìsọ̀rí yìí rárá. Ohun tí JPEG ń ṣèlérí ni pé a kò ní rí ìpàdánù náà níbi tí àwòrán wà lọ́wọ́lọ́wọ́, kò ṣèlérí ohunkóhun nípa ibi tí a ó gbé e dé lọ́la.

Nítorí náà, ọ̀nà mẹ́ta ni mo pín fọ́tò náà sí. Àwọn tí àwọ̀ wọn ṣì dára lọ sí PNG bíìtì 8 tààrà. Àwọn tó ṣá díẹ̀, mo kọ́kọ́ tún àwọ̀ wọn ṣe ní bíìtì 16, mo sì sọ̀ wọ́n kalẹ̀ lẹ́yìn náà. Igba fọ́tò tó ṣá gan-an, tí n kò tíì dá ara mi lójú nípa bí ó ṣe yẹ kí àwọ̀ wọn rí, dúró sí PNG bíìtì 16 láìfọwọ́ kàn wọ́n.

```
magick a.tif -depth 8 a.png
magick b.tif -depth 16 b.png
magick compare -metric AE b.tif b.png null:
```

Àṣẹ kẹta wà fún àwọn tó dúró sí bíìtì 16, ó ń ka iye píksẹ́lì tó yàtọ̀ láàrin fáìlì méjèèjì. Odo ni ìdáhùn kan ṣoṣo tí mo gbà kí n tó pa TIFF rẹ́. 207 GB di 73 GB.

JPEG tó ti inú kámẹ́rà wá

Àwọn wọ̀nyí ti pàdánù ohun tí wọn yóò pàdánù láti ọwọ́ kámẹ́rà fúnra rẹ̀. JPEG náà gan-an ni ojúlówó wa. Bí a bá sọ ọ́ di PNG, yóò tóbi ní ìlọ́po púpọ̀, kò sì ní fi ohun kan kún àwòrán. Bí a bá sì ṣí i, tí a tún un fi pamọ́ ní JPEG tó kéré sí i, àwọn igun 8 sí 8 náà yóò tún gba àṣìṣe lé èyí tí wọ́n ti ní. Kódà ẹni tó kàn fẹ́ yí fọ́tò tó dùbúlẹ̀ dìde gbọ́dọ̀ lo irinṣẹ́ bíi `jpegtran`, tó ń tún àwọn igun náà tò láìtú wọn, dípò ètò tó ń ṣí àwòrán tó sì ń tún un fún pọ̀.

Ọ̀nà aláìpàdánù kan wà tó ṣì lè dín wọn kù. JPEG XL lè gbé JPEG àtijọ́ wọlé, kí ó fi ọ̀nà tó gbọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ kó àwọn nọ́ńbà kan náà pọ̀, kí ó sì dá JPEG yẹn padà ní báìtì dé báìtì nígbàkúùgbà tí a bá fẹ́. Èrè rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún.

```
cjxl --lossless_jpeg=1 foto.jpg foto.jxl
djxl foto.jxl pada.jpg
cmp foto.jpg pada.jpg
```

Nígbà tí `cmp` kò bá sọ nǹkankan, fáìlì méjèèjì jẹ́ ọ̀kan náà. Mo dán fódà kan wò pátá, kò sì sọ̀rọ̀ lórí èyíkéyìí nínú wọn. Síbẹ̀, n kò lò ó fún 160 GB náà. Fóònù àti tẹlifíṣọ̀n ilé wa kì í ṣí `.jxl`, àwọn ará ilé sì ń wo fọ́tò wọ̀nyí tààrà láti orí dísíìkì. Ní tèmi, 32 GB tí ìyẹn ìbá gbà fún wa dà bí owó tó wà ní ìpamọ́: lọ́jọ́ tí dísíìkì bá fẹ́ kún, mo lè fún fódà àwọn ọdún tó jìnnà jù pọ̀ láìba ohun kan jẹ́. Ẹni tí àyè ti há fún jù mí lọ kò ní ìdí láti dúró.

MP3, àti FLAC tí kì í ṣe FLAC

MP3 dúró bó ṣe wà, 30 GB. Sísọ MP3 di FLAC kò lè dá ohun tó ti lọ padà, ńṣe ni fáìlì yóò kàn tóbi sí i. Sísọ ọ́ di Opus tàbí MP3 tó kéré sí i yóò sì mú kí ètò kejì máa yan ohun tí yóò yọ nínú orin tí ètò àkọ́kọ́ ti yọ nǹkan nínú rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fura sí 32 GB FLAC tí wọ́n fún wa. Ẹnikẹ́ni lè sọ MP3 di FLAC, `flac -t` yóò sì gbà á wọlé láìjanpata, nítorí pé ohun tó ń yẹ̀ wò ni bóyá fáìlì náà yí padà láti ìgbà tí a ti ṣe é, kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú. Ohun tó ń tú àṣírí ni àwòrán ìró:

```
sox orin.flac -n spectrogram -o orin.png
```

Nínú àwòrán yìí, àkókò ń lọ láti òsì sí ọ̀tún, gíga ìró sì ń lọ láti ìsàlẹ̀ sókè títí dé kílóhẹ́ẹ̀tì 22. Orin tó ti síídì wá ń ṣá díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń gòkè, àwọn ìlù tó mú sì ń yọ sókè ju ìyókù lọ bí ẹ̀gún. Nínú àwo kan tí a fún wa, gbogbo ìró dúró ní 16 gẹ́lẹ́ látìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ẹni pé a fi rúlà gé e, òkè rẹ̀ sì dúdú kirikiri. Irú igé bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ lára MP3 kílóbíìtì 128. Kò yẹ kí a yára dájọ́ ṣá: ìgbàsílẹ̀ àtijọ́ àti èyí tó ti orí téèpù wá lè má ní ohun kan lókè 16 bákan náà, àmọ́ tiwọn kì í gé bọ̀ọ̀rọ̀, ariwo téèpù ṣì máa ń hàn lókè bí ìkùukùu. MP3 kílóbíìtì 320 sì le láti mú, nítorí pé ibi tó ti ń gé sún mọ́ 20, tí ojúlówó púpọ̀ náà ti ń tán lọ.

Àwọn àwo tí igé náà hàn kedere lára wọn gba bíi 9 GB. A kò lè sọ wọ́n di MP3 padà láìtún pàdánù, nítorí pé MP3 tí wọ́n ti wá kò sí lọ́wọ́ wa. Mo kó wọn sí fódà ọ̀tọ̀ tí mo pè ní `orisun-mp3`, kí ẹnikẹ́ni má bàa fi wọ́n ṣe orísun ẹ̀dà fún fóònù. Àwọn tí a bá rí síídì wọn yóò jáde níbẹ̀.

Bí nǹkan ṣe wà báyìí

Síídì 52, kásẹ́ẹ̀tì 28, fọ́tò orí bébà 73, JPEG 160, MP3 30, FLAC 32. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 375 GB, kò sì sí ẹyọ fáìlì kan nínú àkójọ náà tí mo fi ìfúnpọ̀ alápàdánù kàn. Ohun tó lọ ni bíìtì tó ń gbé ariwo téèpù àti ti sikánà, pẹ̀lú àyè tí WAV àti TIFF ń gbà lásán.

Ìfúnpọ̀ alápàdánù rí iṣẹ́ tirẹ̀ lórí fóònù. Láti inú FLAC ojúlówó ni mo ti ṣe ẹ̀dà Opus ní kílóbíìtì 128, tó jẹ́ nǹkan bíi 58 MB fún wákàtí kan. Èmi kò lè fi etí mọ ìyàtọ̀ láàrin rẹ̀ àti FLAC. MP3 lọ sórí fóònù bó ṣe wà. Kò sí ìkankan nínú ẹ̀dà wọ̀nyí lórí dísíìkì àkójọ, nítorí pé a lè tún wọn ṣe nígbàkúùgbà:

```
opusenc --bitrate 128 orin.flac orin.opus
```

Fún ìṣọ́ra lórí dísíìkì méjèèjì, mo kọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ gbogbo fáìlì sínú ìwé kan pẹ̀lú `sha256sum`, mo sì ń fi `sha256sum -c` yẹ̀ wọ́n wò kí n tó dà ohunkóhun kọ láti orí ọ̀kan sí èkejì. Bí bíìtì kan bá yí padà nínú WAV, ìró kan péré ló bà jẹ́; nínú fáìlì tí a ti fún pọ̀, ó lè ba odidi apá kan orin tàbí ìsàlẹ̀ àwòrán jẹ́. Bí àyẹ̀wò bá kọ `FAILED` sí iwájú orúkọ kan, mo ń mú fáìlì yẹn láti orí dísíìkì kejì, lẹ́yìn tí mo bá ti rí `OK` fún un níbẹ̀.